Àpò kan, báró mélòó? Bí a ṣe ń wọn kọnkéré àti bí a ṣe ń pò ó

Nígbàkúùgbà tí ilé bá wó ní Èkó, gbólóhùn kan kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ènìyàn: "Kọnkéré wọn ni kò péye." Wọ́n sọ ọ́ nígbà tí ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì lóṣù kẹta ọdún 2019. Wọ́n tún sọ ọ́ nígbà tí ilé alájà 21 dà wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021. N kò ní sọ níbí pé ohun báyìí ló wó ilé wọ̀nyẹn, nítorí ilé ńlá kì í sábà wó nítorí ìdí kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé kọnkéré kò péye kò lè sọ ohun tó yẹ kó pé nínú rẹ̀, àwọn onílé tó sì ń náwó lé e lórí gan-an kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n fojú wá.

Ilé tí mo ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí kì í ṣe ilé alájà 21. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni, irú èyí tí à ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Ìkòròdú, ní Ọ̀tà tàbí ní ẹ̀yìn Ìbàdàn, tí bíríkìlà kan àti àwọn lébìrà rẹ̀ ń ṣe. Kò sí òṣùwọ̀n ìwúwo lórí ilẹ̀ náà. Hẹ́ẹ̀dìpáànù, ìyẹn àwo irin tí àwọn lébìrà fi ń ru kọnkéré lórí, àti báró onítáyà kan ni wọ́n fi ń wọn gbogbo nǹkan. Kò sí ohun tó burú nínú kí a fi wọ́n wọn nǹkan. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni bí a ṣe ń kà wọ́n.

Kí ni 1:2:4 tí gbogbo wọn ń pè yìí?

Sìmẹ́ńtì, iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti omi ni à ń pò pọ̀ di kọnkéré. Òkúta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iyanrìn wà láti dí àlàfo tó wà láàárín òkúta sí òkúta. Sìmẹ́ńtì tí omi ti bá ló ń lẹ òkúta àti iyanrìn mọ́ra, tó sì ń le.

Bí bíríkìlà bá sọ pé "wáàn-tú-fọ́ọ̀", ohun tó ń sọ ni pé bí sìmẹ́ńtì bá jẹ́ òṣùwọ̀n kan, iyanrìn yóò jẹ́ òṣùwọ̀n méjì, òkúta yóò sì jẹ́ òṣùwọ̀n mẹ́rin. Òṣùwọ̀n kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi wọn sìmẹ́ńtì, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn náà la ó fi wọn iyanrìn, òun náà la ó sì fi wọn òkúta.

1:2:4 yìí ni wọ́n sábà ń lò fún dẹ́kìn, òpó àti gbogbo ibi tí irin bá wà nínú rẹ̀. Bí òpó bá máa ru ẹrù púpọ̀, ẹnjiníà lè ní kí wọ́n dín iyanrìn àti òkúta kù sí 1:1.5:3. 1:3:6 wà fún kọnkéré ìpìlẹ̀ tí kò sí irin nínú rẹ̀. 1:4:8 ni èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lásán kí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ má bàa kan ẹrẹ̀. Ẹ rántí 1:4:8 yìí, a ó tún padà bá a láìpẹ́, níbi tí kò yẹ kó wà.

Níbo ni àpò ti di báró?

Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ 50 kílò. Ìwúwo rẹ̀ nìyẹn. Bí a bá wo ààyè tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ gbà, ó tó nǹkan bíi 35 lítà. Kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà kan pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì 10 lítà kan nìyẹn.

Báró kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn bíríkìlà ń lò sábà máa ń gbà tó 65 lítà bí a bá fá orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Èyí túmọ̀ sí pé báró kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì méjì.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́. Onílé dé, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń pò ó. Bíríkìlà dáhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Alájì. Àpò kan, báró iyanrìn méjì, báró òkúta mẹ́rin. Wáàn-tú-fọ́ọ̀ nìyẹn." Alájì mi orí, ó ní "Ẹ ṣé, ọ̀gá," ó bá tirẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí ó gbọ́ jọ nọ́ńbà tí ẹnjiníà kọ sínú ìwé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ wò. Báró iyanrìn méjì jẹ́ 130 lítà. Báró òkúta mẹ́rin jẹ́ 260 lítà. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ 35 lítà. Bí a bá pín iyanrìn àti òkúta yẹn sí 35, ohun tó wà nílẹ̀ jẹ́ 1:3.7:7.4. Ó kù díẹ̀ kó di 1:4:8, èyí tí a ní wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀. Òun ni Alájì fẹ́ gbé sórí àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó hàn gbangba bí a bá gbé e sórí iṣẹ́ kan. Ká ní dẹ́kìn yàrá kan ni a fẹ́ ṣe, tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3.6, tó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bí a bá sọ àwọn nọ́ńbà yìí di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, kọnkéré 2,160 lítà ló máa kún ibẹ̀. Nǹkan gbígbẹ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí omi bá ti kàn án, nítorí iyanrìn a wọ àárín òkúta, sìmẹ́ńtì a wọ àárín iyanrìn. Àpò kan ní 1:2:4 tòótọ́ jẹ́ 245 lítà ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí 160 lítà ló ń di nígbà tí a bá ti dà á tán tí a sì kì í dáadáa. Dẹ́kìn yìí yóò gba nǹkan bí àpò 14.

Ní ti wáàn-tú-fọ́ọ̀ oníbáró, 425 lítà ni ohun gbígbẹ tó ń bá àpò kan lọ, yóò sì di nǹkan bí 276 lítà. Dẹ́kìn yẹn kan náà yóò kún pẹ̀lú àpò 8 péré.

Àpò mẹ́fà ló wà láàárín méjèèjì, lórí yàrá kan. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà kò mọ̀, wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ló mọ nǹkan lò. Èyí tó mọ̀ kò ní sọ fún yín. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ohun tó rọrùn jù lọ tí onílé lè ṣe ni kí ó ka àpò òfìfo lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi mítà wọn gígùn, fífẹ̀ àti nínípọn ohun tí wọ́n dà, ẹ mú iye àpò tó yẹ bá a. Kúbíìkì mítà kan ti 1:2:4 máa ń gbà ju àpò mẹ́fà lọ díẹ̀. Bí àpò òfìfo bá jẹ́ mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin lórí kúbíìkì mítà kan, kò sí àlàyé mìíràn tí ẹ tún nílò.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Bí báró bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò méjì, a jẹ́ pé àpò kan yóò gba báró iyanrìn kan àti báró òkúta méjì, gbogbo rẹ̀ ní títẹ́jú. Ìyẹn ni 1:2:4, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dún bẹ́ẹ̀ létí.

Hẹ́ẹ̀dìpáànù wa ń gbà mélòó?

Kò sẹ́ni tó lè jókòó sílé sọ ọ́ fún yín, nítorí páànù tí wọ́n tà ní ọjà kan kò bá ti ọjà kejì dọ́gba, èyí tó ti pẹ́ níbi iṣẹ́ sì ti tẹ̀ wọnú. Ẹ fi omi wọn tiyín. Ẹ wá 35 lítà omi, kẹ́ẹ̀gì kan àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí a ti sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa dà á sínú páànù títí yóò fi kún déédéé, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún kún un. Bí omi náà bá kún páànù méjì, páànù méjì ni àpò kan. 1:2:4 á wá di àpò kan, páànù iyanrìn mẹ́rin, páànù òkúta mẹ́jọ. Bí omi bá tán kí páànù kejì tó kún, páànù yín tóbi, iye rẹ̀ yóò sì dín.

Báró kò ṣeé fi omi wọn dáadáa, nítorí kò dúró gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, omi á ti máa dà ní apá kan kí apá kejì tó kún. Ẹ fi páànù tí ẹ ti wọ̀n máa da iyanrìn sí i, ẹ ka iye páànù tó kún un, ẹ sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára báró náà.

Lẹ́yìn èyí, orí páànù ló kù. Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà mọ̀ pé kóńgò tó ní orí àti kóńgò tí wọ́n fá kì í ṣe ọjà kan náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ kan ni wọ́n ń jẹ́. Páànù 17.5 lítà tí lébìrà rọ òkúta kún tó ní orí lè di 25 lítà. Bí mẹ́rin iyanrìn àti mẹ́jọ òkúta bá ní orí báyìí, 1:2:4 ti di nǹkan bíi 1:2.9:5.7, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣì kà. Pákó pẹlẹbẹ kan tí a fi ń fá orí páànù ni ohun èlò tó kéré jù lórí ilẹ̀ ìkọ́lé, òun ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wá bí mo bá dé ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀. Báró òkúta tó kún déédéé wúwo tó nǹkan bí 95 kílò sí 100 kílò, láìka báró fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò máa tì í bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní agogo mẹ́jọ, báró a kún. Ní agogo méjì ọ̀sán, ó ti di ìdajì ó lé díẹ̀, síbẹ̀ ọ̀kan ni wọ́n ń kà á sí. Kọnkéré apá kan dẹ́kìn kò wá ní bá apá kejì dọ́gba. Nítorí èyí, mo fẹ́ràn hẹ́ẹ̀dìpáànù ju báró lọ fún wíwọ̀n. Páànù òkúta kan kò ju nǹkan bíi kílò 26 lọ, ènìyàn lè kún un bákan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé iye rẹ̀ pọ̀, kíkà a sì máa sọnù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ń lọ. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní ṣe nǹkan mìíràn ju kíkà lọ.

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ púpọ̀ lè kan àpótí òṣùwọ̀n. Bí inú rẹ̀ bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó fẹ̀ ní 35, tó sì jìn ní 25, ó ń gba 35 lítà géérégé, àpò kan gan-an. Ẹ má ṣe kan ìsàlẹ̀ sí i. Ẹ gbé e sórí ibi tí ẹ fẹ́ pò ó, ẹ rọ iyanrìn sínú rẹ̀, ẹ fá orí rẹ̀, ẹ fa àpótí sókè. Iyanrìn á dúró síbẹ̀.

Sìmẹ́ńtì nìkan ni kí ẹ má fi páànù wọ̀n. Bí a bá dà á jáde nínú àpò, afẹ́fẹ́ á wọ inú rẹ̀, á fẹ̀, páànù tó kún lè má ní iye sìmẹ́ńtì tí a rò nínú. Odindi àpò ni kí ẹ máa tú.

Ṣé iyanrìn tútù ń tàn wá jẹ?

Ó ń tàn wá jẹ, àmọ́ kì í ṣe lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò. Wọ́n rò pé omi inú iyanrìn ló burú. Omi yẹn kò burú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú kí iyanrìn wú. Bí omi díẹ̀ bá wà lára hóró iyanrìn kọ̀ọ̀kan, àwọn hóró á ta kété síra wọn, páànù á kún kí iyanrìn tó pọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ lè fi ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti gbígbẹ lọ. Èyí tó rin gbingbin nínú omi pátápátá kì í wú mọ́. Yóò padà sí ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀.

Ìyẹn ni pé páànù mẹ́rin iyanrìn tútù lè jẹ́ páànù mẹ́ta ó lé díẹ̀ ní tòótọ́. Èyí kò dín agbára sìmẹ́ńtì kù. Ohun tó ń fà ni pé iyanrìn kò ní tó láti dí àárín òkúta, nígbà tí a bá sì yọ pákó, a ó rí ihò àti òkúta tó yọ síta, pàápàá ní ẹsẹ̀ òpó.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú ike funfun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ da iyanrìn náà sínú rẹ̀ láìkì í títí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ kó o jáde, ẹ bu omi dé ìdajì ike, ẹ dá iyanrìn náà padà sínú omi, ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kó fìdí jókòó. Bí ó bá wá ga ní sẹ̀ǹtímítà 16, sẹ̀ǹtímítà 4 ló fi wú lórí 16, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Páànù iyanrìn mẹ́rin yín yóò di márùn-ún. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, tàbí tí típà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já iyanrìn tó ti odò wá, ẹ dán an wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Omi mélòó ni kí a bù sí i?

Láti ọdún 1918 ni Duff Abrams, ẹni tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ṣìkágò, ti fi hàn pé bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i lórí sìmẹ́ńtì kan náà ni agbára kọnkéré ń dín kù. Sìmẹ́ńtì kì í lo gbogbo omi tí a bù sí i. Èyí tó ṣẹ́kù á gbẹ, á sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀.

Fún àpò kan, 25 lítà sí 30 lítà ni ààlà, a sì gbọ́dọ̀ ka omi tó wà nínú iyanrìn mọ́ ọn. Iyanrìn tútù tó ń bá àpò kan lọ lè ti ní lítà bíi márùn-ún nínú. Nítorí náà, bí iyanrìn bá tutù, kẹ́ẹ̀gì 25 lítà kan ti tó fún àpò kan. Bí wọ́n bá gbé omi àpò kan dé 35 lítà nítorí kọnkéré kò ṣàn bí wọ́n ṣe fẹ́, agbára rẹ̀ lè fi ìdá kan nínú mẹ́ta relẹ̀ ju èyí tí a bu 25 sí lọ. Ẹni tó ń fa páìpù omi sórí òkìtì kọnkéré kò lè mọ iye tó ti bù. Kẹ́ẹ̀gì ni kí ó fi bù ú.

Báwo ni pípò lọ́wọ́ ṣe yẹ kó rí?

Orí ilẹ̀ tó le tí kò sì ń fa omi ni kí a ti pò ó: simẹ́ńtì tí a ti tẹ́ tẹ́lẹ̀, páànù òrùlé tí a tẹ́ sílẹ̀ tàbí pákó pẹlẹbẹ. Ilẹ̀ lásán á fa omi sìmẹ́ńtì mu, ṣọ́bìrì á sì máa wa erùpẹ̀ mọ́ ọn.

A ó kọ́kọ́ tẹ́ iyanrìn, a ó tú sìmẹ́ńtì lé e, a ó fi ṣọ́bìrì yí i ní gbígbẹ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ó ti tó. Bí ẹ bá ṣì rí ibi tó pupa bí iyanrìn àti ibi tó dúdú bí eérú, kò tíì tó. Lẹ́yìn náà ni òkúta á dé, a ó tún yí i, ká tó la àárín rẹ̀ bí kànga, ká sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Bí omi bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń já ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà, omi eléérú tó ń ṣàn lọ yẹn, sìmẹ́ńtì yín ló ń kó lọ.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n da àpò márùn-ún pọ̀ kí wọ́n sì bu omi sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lébìrà mẹ́fà kò lè rù ú tán kíákíá. Nínú oòrùn wa, kọnkéré kò yẹ kó pẹ́ ju 30 sí 45 ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn tí omi bá ti kàn án. Èyí tó kù nísàlẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í le, wọ́n á tún bu omi sí i kó lè rọ̀. Rírọ̀ yẹn kì í ṣe àtúnṣe rárá. Ẹ lè po àpò mélòó kan pọ̀ ní gbígbẹ, ṣùgbọ́n kí ẹ máa gé e ní àpò kan kan kí omi tó dé e.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sìmẹ́ńtì kún èyí tí a bá fi ọwọ́ pò, nítorí ọwọ́ kò lè po ó dọ́gba bí ẹ̀rọ. Lórí dẹ́kìn àpò 14 wa yìí, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpò kan àbọ̀.

Kí ni míkísà ń ṣe tí ọwọ́ kò lè ṣe?

Nínú ìlù míkísà, abẹ́ irin wà tó ń gbé kọnkéré sókè tó sì ń jẹ́ kó já bọ́. Ìyẹn ló ń fi sìmẹ́ńtì tútù bo gbogbo ara òkúta. Láti po kọnkéré tó le díẹ̀, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, ọwọ́ á rẹ ènìyàn kíákíá, á sì fẹ́ bu omi sí i kó lè rọrùn fún un. Kì í rẹ ẹ̀rọ. Lójú tèmi, èyí gan-an ni àǹfààní tó tóbi jù: míkísà ń gbà wá láyè láti lo omi díẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń yá jù fún ilé kékeré ni èyí tí wọ́n ń pè ní alápò kan. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10/7: kúbíìkì fíìtì 10 ni ohun gbígbẹ tó lè gbà, 7 ni kọnkéré tútù tó ń jáde. 10 yẹn tó nǹkan bí 280 lítà. Àpò kan ní 1:2:4 jẹ́ 245 lítà, ó wọlé ní ìrọ̀rùn. Wáàn-tú-fọ́ọ̀ oníbáró tí ó jẹ́ 425 lítà kò lè wọ inú rẹ̀ láéláé. Bí wọ́n bá ń rọ nǹkan kún un tó ń dà sílẹ̀ lẹ́nu ìlù, abẹ́ inú rẹ̀ kò ráyè gbé nǹkan sókè mọ́, ó kàn ń yí wọn ni.

A kì í kọ́kọ́ da sìmẹ́ńtì sínú ìlù gbígbẹ, nítorí yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Díẹ̀ nínú omi àti díẹ̀ nínú òkúta ló ń kọ́kọ́ wọlé, kí òkúta fi fọ ara ìlù. Lẹ́yìn náà, sìmẹ́ńtì àti iyanrìn, òkúta tó kù, kí omi tó kù wá gbẹ̀yìn. Láti ìgbà tí ohun gbogbo bá ti wọlé tán, ó yẹ kó yí fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ mú aago jáde kí ẹ wò ó. Àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ ní odidi, tí wọ́n fẹ́ tètè lọ sílé, a máa dà á jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Bí ó bá tún yí pẹ́ jù nínú oòrùn, omi rẹ̀ á máa gbẹ, wọ́n á sì tún bu omi sí i.

Àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ bá pò láàárọ̀ máa ń jáde pẹ̀lú òkúta púpọ̀, torí pé sìmẹ́ńtì àti iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ inú ìlù. Kí wọ́n dín òkúta rẹ̀ kù sí ìdajì, kí wọ́n má sì dín sìmẹ́ńtì.

Ṣé ó yẹ kí n yá míkísà?

Fún dẹ́kìn, bẹ́ẹ̀ ni. Ó yẹ kí a dà á tán lọ́jọ́ kan láìdúró, ọwọ́ kò sì lè ṣe èyí láìsí pé àwọn tó ń pò ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tu ara wọn lára. Fún òpó méjì tàbí líńtẹ́ẹ̀lì ojú fèrèsé, kọnkéré tí wọ́n fi ọwọ́ pò dáadáa ní àpò kan kan kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè tún ohun tí a wọ̀n sódì ṣe. Tí a bá ní kí n yàn láàárín kọnkéré tí wọ́n fi ọwọ́ pò ní 1:2:4 tòótọ́ àti èyí tí míkísà pò dáadáa ní 1:4:8, ti ọwọ́ ni màá mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ èyí nítorí àwọn onílé tí ariwo ẹ̀rọ nìkan ti fi lọ́kàn balẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dà á?

Ihò àti òkúta tó yọ síta tí a bá rí lẹ́yìn tí wọ́n yọ pákó lè jẹ́ pé iyanrìn kò tó, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò kì í dáadáa. Ara tó ń gbọ́n bí ìyẹ̀fun bí a bá fi ìṣó họ ọ́ sábà máa ń fi hàn pé omi ti pọ̀ jù tàbí pé ó tètè gbẹ. Ojú lásán kò lè sọ ju èyí lọ. 1:4:8 tí wọ́n rẹ́ dáadáa lè dán bíi 1:2:4.

Ohun tó ń sọ òtítọ́ ni kúùbù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn, kí wọ́n bu lára kọnkéré yẹn gan-an sínú àpótí irin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 lọ́nà gbogbo. Inú kọnkéré tó ń lọ sórí dẹ́kìn ni kí wọ́n ti bù ú, kì í ṣe èyí tí wọ́n dìídì pò fún ìdánwò. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì rì í sínú omi títí tí yóò fi lọ sí ilé ìdánwò, irú èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní fún ohun èlò ìkọ́lé, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti tẹ̀ ẹ́ fọ́. Wọ́n ń fọ́ díẹ̀ lọ́jọ́ keje, wọ́n ń fọ́ ìyókù lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ keje, ó yẹ kí ó ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tí ẹnjiníà ń retí lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi tó gbé dẹ́kìn náà dúró títí ẹnjiníà yóò fi wá wò ó.